Ẹ fẹ́ fi bírókà ìnṣọ́ránsì yín sílẹ̀ l'Ékìtì, ẹ ò sì fẹ́ kó dìjà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ni iléèwé, òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo àti ilé ìrẹsì ló sábà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, torí l'Adó níbí bírókà kì í ṣe àjèjì, ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín ni, tẹ́ ẹ bá jà lọ́jọ́ Tuesday ẹ ṣì máa pàdé níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Màá fi iléèwé àdáni kan ní Ajílósùn ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè lásán. Màmá tó ni iléèwé náà ní ìnṣọ́ránsì iná àti olè lórí ilé àti ẹrù iléèwé, ó ní bọ́ọ̀sì méjì tó wà lábẹ́ kọ́mpúríhẹ́ńsíìfù, ó sì ní ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fáwọn òṣìṣẹ́. Ọwọ́ bírókà kan ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹ̀gbọ́n ni màmá máa ń pè é, ẹ̀gbọ́n yìí ò kì í gbé fóònù mọ́ báyìí.

Tá a bá fi bírókà sílẹ̀, ṣé pólísì náà máa kú ni?

Rárá o. Ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lẹ jọ ní àdéhùn tá a ń pè ní pólísì, bírókà kàn ń ṣojú fún yín ni. Pólísì kan náà, nọ́ńbà kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìkan ló yí padà. Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí àwọn tó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n "kánsù", ìyẹn kí wọ́n fagi lé, pólísì àwọn nítorí pé wọ́n ń bínú sí bírókà. Tẹ́ ẹ bá kánsù láàárín ọdún, owó tí wọ́n máa dá padà fún yín kì í sábà tó iye oṣù tó kù, èyí tó sì burú jù ni pé láti ọjọ́ yẹn títí tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn ilé yín wà ní ìhòòhò. Ọ̀rọ̀ bírókà lẹ ní, ẹ má fọwọ́ kan pólísì.

Ìgbà wo ló dáa jù ká ṣe é?

Nígbà tí pólísì bá fẹ́ parí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí inú owó ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bírókà kì í gba owó lọ́wọ́ yín tààrà, kọmíṣọ̀n ló ń gbà látinú owó ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ san. Ká ní iléèwé wa yìí san 600,000 náírà fún iná àti olè, kí kọmíṣọ̀n sì jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 120,000 náírà ti wọlé fún ẹ̀gbọ́n látìgbà tí owó ti dé, iṣẹ́ odindi ọdún lowó yẹn sì wà fún. Tí màmá bá wá yọ ọ́ lóṣù kẹrin, ẹ̀gbọ́n ti gbowó iṣẹ́ tí kò ní parí, bírókà tuntun á sì máa ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ lọ́fẹ̀ẹ́, á máa kọ lẹ́tà, á máa lé kíléèmù, kò sì sí kọ́bọ̀ kankan títí ọdún á fi yí po. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tí pólísì parí lẹ yí padà, ti àná ti jẹ tiẹ̀, ti òní á jẹ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kan.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìparí oṣù kejì ni pólísì iná máa parí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Disẹ́ńbà ni kí màmá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Bírókà tuntun nílò àsìkò láti wá wo ilé, kó wo ẹ̀rọ panápaná, kó gba iye owó lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, Kérésì sì wà láàárín tí gbogbo ọ́fíìsì máa ń dákẹ́ lọ lọọlọ.

Àwọn pólísì wa ò parí lọ́jọ́ kan náà, ńkọ́?

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Bọ́ọ̀sì kan máa parí lóṣù karùn-ún, ìkejì lóṣù kẹsàn-án, ti òṣìṣẹ́ lóṣù kẹfà. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá lọ́jọ́ tó bá parí, ìyẹn ló bọ̀wọ̀ fún bírókà àkọ́kọ́ jù, ìṣòro ibẹ̀ ni pé fún oṣù mélòó kan bírókà méjì á máa wà nínú ilé kan, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lóru dírẹ́bà ò ní mọ ẹni tó máa pè. Tàbí kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí tuntun gbà pé òun máa ṣọ́ èyí tí kò tíì tó àsìkò láìgbowó.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí bírókà yẹn bá ṣì ń gbé fóònù, màá jẹ́ kó máa kọjá níkọ̀ọ̀kan, màá lẹ ìwé kékeré mọ́ inú bọ́ọ̀sì pé ẹni báyìí lẹ máa pè. Àmọ́ tí kò bá gbé fóònù mọ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n yìí, mi ò ní fi bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ dúró dè é.

Ta la kọ́kọ́ máa sọ fún?

Bírókà fúnra ẹ̀, kó tó gbọ́ ọ níta. Ẹ má tàn ara yín pé ẹ lè ṣe é ní kọ̀rọ̀, torí ọjọ́ tí lẹ́tà yín bá dé ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni wọ́n máa pe bírókà tó wà nílẹ̀ pé "Ọ̀gá, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti kọ́sítómà yín?" Àwọn náà fẹ́ràn ẹ̀, òun ló ń mú iṣẹ́ wá fún wọn. Ìtìjú pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ dìjà, iye owó tó pàdánù kì í dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ pè é, tàbí kẹ́ ẹ lọ rí i tó bá jẹ́ àgbà. Ẹ má fi wasáàpù sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló tọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún ọdún tẹ́ ẹ ti bá wa ṣe. Ìgbìmọ̀ iléèwé ti pinnu pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta a máa lo bírókà mìíràn fún iná àti olè àti bọ́ọ̀sì méjèèjì. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí lẹ́tà tó dé. Kíléèmù bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ yín, a sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa parí ẹ̀." Ó tán. Tó bá béèrè ìdí, ẹ sọ ìdí kan tó jẹ́ òótọ́, bí àpẹẹrẹ pé a pè yín lórí kíléèmù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá a ò gbóhùn yín. Ẹ má ka ẹ̀sùn ọdún márùn-ún sẹ́yìn sí i lórí. Ẹ má sì sọ pé tuntun ní òun máa ṣe é lówó pọ́ọ́kú, torí lójú ẹsẹ̀ ló máa sọ pé òun náà lè dín in kù, ẹ ti di ọlọ́jà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà ìyànsípò tẹ́ ẹ fún un níjọ́sí kẹ́ ẹ tó lọ o, àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ ò bá rí lẹ́tà náà, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ẹ̀dà.

Lẹ́tà mélòó la máa kọ, kí ló sì máa wà nínú ẹ̀?

Ọ̀kan fún bírókà àkọ́kọ́, ọ̀kan fún bírókà tuntun, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ní pólísì lọ́dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta. Kó jẹ́ orí bébà tó ní orúkọ iléèwé yín, kí ẹni tó láṣẹ sáìnì, kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi sítáǹpù lù padà. Ẹ̀ka tó ń mójú tó fáìlì yín lè jẹ́ Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá já lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Adó ẹ fi ímeèlì tì í lẹ́yìn.

Inú lẹ́tà ti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló nílò àfiyèsí. Ohun tó yẹ kó sọ rèé:

"Láti 1 oṣù kẹta, ilé-iṣẹ́ báyìí ni bírókà wa lórí pólísì iná àti olè, nọ́ńbà báyìí. Pólísì bọ́ọ̀sì méjèèjì, nọ́ńbà báyìí àti báyìí, náà máa kọjá sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Kíléèmù bọ́ọ̀sì tó ní jàǹbá lójú ọ̀nà Ìwòrókò ṣì wà lọ́wọ́ bírókà àkọ́kọ́ títí ẹ máa fi san án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún bírókà tuntun ní ẹ̀dà pólísì àti àkọsílẹ̀ kíléèmù wa ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Lẹ́tà yìí ló borí èyíkéyìí tá a ti kọ ṣáájú lórí àwọn pólísì yìí."

Ẹ rí i pé nọ́ńbà pólísì wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo ìnṣọ́ránsì wa" kò dáa, torí ó máa gbé ohun tẹ́ ò fẹ́ gbé lọ, títí kan ti òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ lè fẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Kò sì sí ọ̀rọ̀ èébú kankan nínú lẹ́tà náà, ẹ má kọ ẹ̀sùn síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ò nílò ẹ̀, ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ ń sọ nípa ẹ̀ ló sì máa padà dé.

Bírókà tuntun ní ká sáìnì lẹ́tà kékeré kan kóun lè kàn béèrè iye owó. Ṣé ká sáìnì?

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú nìyí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Yóò sọ pé "Mà, lẹ́tà lásán ni, kí wọ́n lè fún mi ní fígọ̀." Tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, ẹ máa rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ti yan òun ní bírókà yín, láti òní lọ, lórí gbogbo pólísì yín. Ọjọ́ tó bá gbé e dé ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹ ti yọ ẹ̀gbọ́n nìyẹn, ẹ ò sì tíì bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n á gbọ́, á pè yín tìbínú-tìbínú, ẹ̀yin á ní ẹ ò ṣe nǹkan kan, ó sì ní lẹ́tà tẹ́ ẹ sáìnì lọ́wọ́.

Àṣẹ láti béèrè iye owó yàtọ̀ sí ìyànsípò. Tó bá jẹ́ iye owó nìkan ló fẹ́, ẹ kọ lẹ́tà náà fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ gbà kó béèrè iye owó fún pólísì iná lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ báyìí báyìí, pé kì í ṣe ìyànsípò, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ lè ní àwọn ò ní fún ẹni méjì ní iye owó fún oníbàárà kan náà. Kò burú, kó lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ẹ má sáìnì bébà tí kò ní ọjọ́, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín tẹ lẹ́tà sórí bébà tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì tó bá tuntun ṣe ohunkóhun, ẹ rí i pé NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé àṣẹ ẹ̀ má sì tíì kú.

Jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, kíléèmù wà nílẹ̀. Ta ló máa parí ẹ̀?

Bọ́ọ̀sì iléèwé wa yìí ní jàǹbá lójú ọ̀nà Ìwòrókò nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, òun ló gba ìwé ọlọ́pàá, òun ló mú ajọ́sítà, ẹni tó ń díye lé ohun tó bàjẹ́, lọ wo bọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Báyìí, ìwé ajọ́sítà ti dé ilé-iṣẹ́, wọ́n ń dúró láti sọ iye tí wọ́n máa san.

Tó bá ti rìn jìnnà báyìí, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ó mọ ìtàn náà, ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ dá ọjọ́ sí i (tí wọn ò bá tíì fi iye owó ránṣẹ́ nígbà tó bá di ìparí oṣù kẹta, á kọjá sọ́dọ̀ tuntun), kẹ́ ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ pé inú akáǹtì iléèwé ni owó máa wọ̀ tààrà. Fáúsà tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sáìnì kó tó di pé wọ́n sanwó, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á, torí tẹ́ ẹ bá ti sáìnì ẹ ti gbà pé ó tán.

Àmọ́ tó bá jẹ́ jàǹbá ìjẹta, tí kò tíì sí ìwé kankan nílẹ̀, kó tètè kọjá. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun ń lọ kò ní fi gbogbo ara sáré nítorí ẹ̀, ènìyàn ni gbogbo wa.

Kí ni gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì tó yẹ ká gbà?

Pólísì fúnra ẹ̀ àti sẹ́dúùlù ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Ìwé àtúnṣe tó jáde lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbàgbé, bíi ìgbà tẹ́ ẹ kọ́ yàrá ìkàwé tuntun tẹ́ ẹ sì fi kún un. Ẹ gba rìsíìtì owó ọdún kọ̀ọ̀kan, sẹ́tífíkéètì ọkọ̀, ìwé àyẹ̀wò ilé, ìwé tí wọ́n fi díye lé ilé, àti gbogbo lẹ́tà tó lọ tó bọ̀ lórí kíléèmù.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ má fi ṣeré ni fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kún nígbà tẹ́ ẹ ń ra pólísì. Ìdáhùn inú ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbára lé. Bírókà ló sábà ń kún un, ẹ̀yin kàn sáìnì. Ká ní ó kọ síbẹ̀ pé ọdẹ méjì ló ń ṣọ́ iléèwé lóru, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì ní, lọ́jọ́ tólè bá jà ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó pẹ̀lú bírókà tuntun kẹ́ ẹ kà á látòkè délẹ̀, tí irọ́ bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ kọ̀wé tún un ṣe kó tó di pé ẹ rínìú.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì padà pẹ̀lú bírókà, àkọsílẹ̀ kíléèmù ti wá di dandan nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tuntun máa bi yín ní jàǹbá tẹ́ ẹ ti ní, tẹ́ ẹ bá gbàgbé èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ìwòrókò, wọ́n á ní ẹ fi pa mọ́ ni.

Àkọsílẹ̀ abẹ́lé bírókà, ohun tó kọ fún ara ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀dà lẹ ń béèrè, òun náà gbọ́dọ̀ tọ́jú tiẹ̀ torí àwọn aláṣẹ lè bi í.

Tí kò bá fẹ́ fún wa ní fáìlì ńkọ́?

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ rán akọ̀wé iléèwé lọ pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ ti to ohun tẹ́ ẹ ń wá sí, kí wọ́n jọ máa fàlà sí èyí tó ti bọ́ sọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kò kọ̀, kò kàn rí i ni, fáìlì wà lábẹ́ òkìtì bébà níbì kan ní Ìjìgbò, ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní àyè láti má tijú: ẹ gba ohun tó bá rí, kẹ́ ẹ béèrè ìyókù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, torí pólísì, fọ́ọ̀mù, rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ kíléèmù, ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Tó bá wá di pé ó di í mú nítorí ìbínú, ẹgbẹ́ àwọn bírókà wà, NCRIB, NAICOM náà ń gba ẹjọ́. Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba ibẹ̀ lọ, torí kò sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mọ́ tí lẹ́tà bá ti dé Àbújá.

Owó tá a ti san fún un, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dé ibi tó ń lọ?

Òfin "kò sówó, kò sí ààbò" tí NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ló jẹ́ kí ìbéèrè yìí ṣe kókó. Kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ iye tó wọlé lórí pólísì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó wọlé. Ẹ má sọ pé ẹ ń fura, ẹ ní ódítọ̀ ló ń béèrè, ó ṣe tán ó yẹ kó béèrè. Ti ọkọ̀ rọrùn: ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí askniid.org, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí owó kan bá há, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, ẹ má tíì dárúkọ ìyapa rárá, ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ kì í yára wá owó.

Ṣé ká fi pólísì kan sílẹ̀ fún un kí inú má bàa bí i?

Tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Màmá wa yìí lè fi ti òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ kò fìgbà kan ní wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àánú nìkan, ẹ má ṣe é, pàápàá ti òṣìṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 ló fi dandan lé e pé kí owó tí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí máa san, ó kéré tán, tó owó ọdún kan òṣìṣẹ́ lọ́nà mẹ́ta, tí tíṣà kan bá kú tí pólísì ò sì tíì rínìú nítorí pé ẹni kan ò gbé fóònù, ojú wo lẹ máa fi wo ìdílé ẹ̀? Ẹ wá nǹkan míì fi dá a lọ́lá, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́ tó ṣeé fihàn kọ́sítómà mìíràn, ìyẹn gan-an wúlò fún un ju kọmíṣọ̀n kékeré lọ.

Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wa wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Kí la máa ṣe sí i?

Tí ti òṣìṣẹ́ bá kọjá, ẹ kọ gbólóhùn kan sínú lẹ́tà rẹ̀ pé kó má lo orúkọ wọn fún nǹkan míì, kó sì pa èyí tí òfin ò ní kó tọ́jú rẹ́. Òfin ààbò dátà 2023 wà lẹ́yìn yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù wasáàpù tẹ́ ẹ ti ń fi lísítì òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ náà, ẹ kọ́kọ́ kí i ní ìkọ̀kọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá lóòótọ́?

Lẹ́tà ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló máa fi hàn, kì í ṣe ẹnu bírókà tuntun. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà pólísì àti ọjọ́ tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìwé owó tí wọ́n máa fi béèrè owó ìnṣọ́ránsì tó ń bọ̀: orúkọ bírókà máa wà lórí ẹ̀. Tó bá ṣì jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀ lóṣù kejì, ẹ má tíì sanwó, ẹ pe ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀, torí ibi tí kọmíṣọ̀n bá wọ̀ lọ́nà òdì, àwọn bírókà méjèèjì ló máa wá jókòó sí pálọ̀ yín.